Wọ́n mú àbúrò mi lọ́jọ́ Jímọ̀: ṣé wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án ni, àbí wọ́n kàn tì í mọ́lé?

Adùkẹ́ Alékúwódò (Sátidé, alẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kó dá mi lóhùn. Àbúrò mi ọkùnrin ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kan nítòsí Ọláìyá. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán àná, àwọn ọlọ́pàá tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ dé ìsọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní fóònù kan tó rà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan, fóònù olè ni. Wọ́n mú un lọ, wọ́n sì gbá gbogbo fóònù àwọn oníbàárà tó wà lórí tábìlì àti nínú dúrọ́ọ̀ sínú báàgì Gáná.

Mo dé tésàn lálẹ́ àná, ọlọ́pàá orí káńtà ní kí n padà wá. Mo padà lọ lónìí, òun kan náà ló wá sọ pé wọ́n ti fẹ̀sùn kàn án, pé àìpíò rẹ̀, ọlọ́pàá tó ń wádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ò sí nílé, pé kóòtù kì í jókòó lópin ọ̀sẹ̀, ó di ọjọ́ Ajé. Bí mo ṣe ń jáde ni ẹlòmíì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé bí a bá mú owó béèlì wá, ọ̀rọ̀ á rọ̀. Ibo ni ọ̀rọ̀ yìí wà gan-an? Ìyá wa ò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná.

Bàbá Rótìmí

Wákàtí 24 ni òfin fún wọn, kò lé kan. Bí aago mẹ́ta ọ̀sán òní ti kọjá báyìí, ẹjọ́ yẹn ti kú. Ẹ lọ bá dípíò, ọ̀gá tésàn, kó ṣí sẹ́ẹ̀lì, kí ọmọ yín máa bọ̀ nílé. Wọn ò sì gbọdọ̀ tún pè é lórí ọ̀rọ̀ náà mọ́ láéláé.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Bàbá Rótìmí, apá kan ọ̀rọ̀ lẹ mú dání. Wákàtí 24 kì í pa ẹjọ́. Ohun tó ń pa ni àṣẹ tí ọlọ́pàá ní láti máa dá ènìyàn dúró láìgbé e síwájú adájọ́. Ẹjọ́ lè máa bá a lọ, wọ́n lè ránṣẹ́ pè é lọ́la, wọ́n lè gbé e lọ sí kóòtù lóṣù tó ń bọ̀. Àtìmọ́lé yẹn nìkan ni kò bófin mu mọ́. Abala 35 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 ló là á sílẹ̀: bí kóòtù tó lè gbọ́ ẹjọ́ náà bá wà láàárín kìlómítà 40, ọjọ́ kan ni wọ́n ní. Bó bá jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó di ọjọ́ méjì, tàbí iye tí kóòtù bá rí pé ó bọ́gbọ́n mu. Àwa tí a wà nínú Òṣogbo yìí, kóòtù ò jìnnà sí wa. Ọjọ́ kan ni tiwa.

Adùkẹ́ ọmọ mi, jẹ́ kí n dáhùn ohun tí o bi wá. Láti inú ohun tí o kọ yìí, wọn ò tíì fẹ̀sùn kan àbúrò rẹ. Ohun tí ọlọ́pàá bá fẹnu sọ lórí káńtà kì í ṣe ẹ̀sùn. Ẹ̀sùn ní ìwé. Ní kóòtù májísíréètì, wọ́n á kọ Kọmíṣọ́nnà Ọlọ́pàá sí apá kan, orúkọ ẹni tí wọ́n mú sí apá kejì, wọ́n á kọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ní ó ti ṣẹlẹ̀, ohun tí wọ́n ní ó ṣe, àti abala òfin tó ta kò ó. Rẹ́jísítírà kóòtù á fún ìwé náà ní nọ́ńbà. Wọ́n á wá mú un wọnú àpótí, wọ́n á kà á sí i létí ní èdè tó gbọ́, òun náà á sì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun jẹ̀bi tàbí òun ò jẹ̀bi. Àbúrò rẹ ò tíì fojú kan kóòtù, kóòtù ò sì jókòó láti ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀. Afurasí ló ṣì jẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí ọlọ́pàá káńtà yẹn rí ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ńlá tésàn, níbi tí wọ́n ti ń kọ ẹni tí wọ́n mú àti ohun tí wọ́n fura sí i fún.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni béèlì. Ní báyìí, dípíò lè fún un ní béèlì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dé kóòtù. Bí wọ́n bá ti ka ẹ̀sùn sí i létí, ọwọ́ dípíò ti kúrò níbẹ̀, ó di ọwọ́ májísíréètì. Bí májísíréètì bá fún un ní béèlì tí ẹ ò bá rí àwọn onídùúró tó ní kí ẹ mú wá, ọgbà ẹ̀wọ̀n Iléṣà ló máa sùn. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí ẹ sáré béèlì tésàn.

Ìyá Risi Onígàrí

Ẹ ṣeun o, ọ̀rọ̀ yìí bọ́ sákòókò. Obìnrin kan láti Ìkìrun gba gàrí lọ́wọ́ mi láwìn, ó ti ń sá fún mi láti ìgbà Iléyá. Ṣé mo lè sọ fún ọlọ́pàá kí wọ́n mú un sí àtìmọ́lé fún ọjọ́ kan péré, kó lè san owó mi? Mo gbọ́ pé ọjọ́ kan bófin mu.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Ìyá Risi, rárá o. Ọjọ́ kan yẹn, fún ẹni tí wọ́n fura sí pé ó dá ọ̀ràn ni. Gbèsè àwìn kì í ṣe ọ̀ràn. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 sọ ọ́ gbangba pé wọn ò gbọdọ̀ mú ènìyàn torí gbèsè tàbí torí àdéhùn tó yẹ̀. Ẹ pè é lẹ́jọ́, kí ẹ mú ìwé tí ẹ fi ń kọ àwìn dání. Bí ẹ bá fi ọlọ́pàá tì í mọ́lé, òun ló máa padà pe ẹ̀yin àti ọlọ́pàá lẹ́jọ́, ẹ ó sì tún san owó lé gàrí.

Ìyá Risi Onígàrí

Háà. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ti mú ọ̀pọ̀ èèyàn bẹ́ẹ̀ lójú mi nínú ọjà.

Sájẹ́ǹtì Àgbà

Wọ́n ń ṣe é, òótọ́ ni, kò sì dáa. Mo wọ aṣọ dúdú yẹn títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti inú, kí ẹ má baà rò pé ìkà ni gbogbo wa.

Láti mú ọmọ yẹn, ìfura tó ní ìdí tó. Wọn ò nílò ìwé àṣẹ kóòtù bí ẹni tó ni fóònù bá ti fi ẹ̀rí hàn tí wọ́n sì tọpa rẹ̀ dé ìsọ̀. Ohun tí wọ́n gbọ́dọ̀ ṣe ni kí wọ́n sọ fún un lójú ẹsẹ̀ ìdí tí wọ́n fi mú un, kí wọ́n sì sọ fún un pé ó lè pa ẹnu mọ́ títí yóò fi bá lọ́yà tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Wọ́n lè tú àpò rẹ̀ wò. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kì í ṣe dandan o. Bí kò bá jà, tí kò fẹ́ sá, kò yẹ kí wọ́n kó o sí i lọ́wọ́. Láti ìsọ̀, tésàn ló kàn. Kò sí ilé àdáni, kò sí pé kí wọ́n máa gbé e yípo Òṣogbo nínú ọkọ̀.

Nínú àtìmọ́lé, ohun tí àìpíò ń wá lórí ẹrù olè ni bóyá ẹni tó rà á mọ̀ pé olè ló jí i. Ẹ fọkàn sí èyí. Ríra fóònù nìkan kò tó láti dá a lẹ́bi. Wọ́n á bi í pé èló ló rà á, pé ṣé iye tí irú ẹ̀ ń lọ nìyẹn, pé ṣé ó gba rìsíìtì, ṣé ó gba nọ́ńbà ẹni tó tà á, ìgbà wo ló rà á, òru ni àbí ọ̀sán. Bó bá lè júwe ẹni tó tà á fún un, wọ́n á fẹ́ kó mú wọn débẹ̀. Ní tòótọ́, ìdí tí ọ̀pọ̀ àìpíò kì í fi í fẹ́ fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà wọ́n pé á lọ ta olè náà lólobó.

Àmọ́ lórí òpin ọ̀sẹ̀, mi ò gbà pẹ̀lú akọ̀wé pátápátá. Òfin kan wà tó ń sọ bí a ṣe ń ka ọjọ́. Ó ní bí àkókò tí wọ́n dá kò bá ju ọjọ́ mẹ́fà lọ, a kì í ka ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi ìjọba mọ́ ọn. Àwa máa ń tẹ̀ lé ìyẹn.

Lọ́yà Òkè-Baálẹ̀

Sájẹ́ǹtì, òfin yẹn wà lóòótọ́, inú òfin ìtumọ̀ òfin ni. Mo ti gbọ́ tí àwọn lọ́yà fi jà ní kóòtù. Àwọn kan ní ìwé òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ ní kí a máa fi òfin yẹn tú òun, nítorí náà ọjọ́ Àìkú yọ kúrò. Àwọn mìíràn ní òmìnira ènìyàn ni abala 35 ń dáàbò bò, pé a kò lè fi ìṣirò ọjọ́ gbà á padà. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ìkejì, ẹ̀yin náà lè má gbà. Ṣùgbọ́n kódà bí a bá gba ti yín, Sátidé ò sí nínú òfin yẹn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ló dárúkọ, àti ọjọ́ ìsinmi. Jímọ̀ aago mẹ́ta sí Sátidé aago mẹ́ta ti pé ọjọ́ kan.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, Adùkẹ́, kí ẹ gbá a mú. Òfin Ọlọ́pàá 2020 sọ pé bí wọ́n bá mú ènìyàn láìní ìwé àṣẹ, tí ọ̀ràn náà kì í ṣe èyí tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú, tí kò sì ní ṣeé ṣe láti gbé e dé kóòtù láàárín wákàtí 24, ọ̀gá tésàn gbọ́dọ̀ fún un ní béèlì. Ẹ tún un kà. Àìsí kóòtù lópin ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi ń dí yín lọ́wọ́ gan-an ni ìdí tí òfin fi ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Gbígba ẹrù olè kì í ṣe ẹjọ́ ikú. Ká ní ìpànìyàn tàbí ìdigunjalè ni, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀: wọ́n á gbé e lọ síwájú májísíréètì láti gba àṣẹ ìfisátìmọ́lé, fáìlì á sì lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ fún ìmọ̀ràn. Ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń pẹ́ ní Iléṣà láìtíì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́.

Lọ́la, ẹ má lọ bá ọlọ́pàá káńtà jà. Ẹ kọ lẹ́tà béèlì sí dípíò. Kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀, ọjọ́ àti aago tí wọ́n mú un, ohun tí wọ́n ní ó ṣe, pé onídùúró ti wà, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn gbà á. Ẹ̀dà yẹn ni ẹ̀rí aago yín. Bí wọ́n bá kọ̀, òun la máa fi lọ sí kóòtù láàárọ̀ ọjọ́ Ajé. Ẹ tún béèrè ìwé tó sọ ìdí tí wọ́n fi mú un. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láàárín wákàtí 24, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní èdè tó gbọ́. Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọ ọ́, àmọ́ ẹ béèrè.

Bàbá Rótìmí

Owó béèlì ńkọ́? Ara ògiri ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ abẹ́ ògiri yẹn náà ni wọ́n ti ń gba owó.

Sájẹ́ǹtì Àgbà

Ọ̀fẹ́ ni. Onídùúró máa ń kọ iye kan sínú ìwé pé bí afurasí bá sá, òun á san án. Kò sí owó tó ń ti ọwọ́ jáde lọ́jọ́ yẹn. Ẹni tó bá gba owó ìwé, owó epo, owó omi, ara rẹ̀ ló gbà á fún.

Adùkẹ́ Alékúwódò (Àìkú, ọ̀sán)

A ti lọ. Bàbá onílé wa ló bá mi lọ pẹ̀lú káàdì ìdánimọ̀ àti fọ́tò pélébé. Dípíò ò sí, igbákejì rẹ̀ ló gba lẹ́tà, ó kọ́kọ́ ní òun ò ní fọwọ́ sí nǹkan kan. Bàbá onílé jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ní òun ò ní ibi tí òun ń lọ. Nígbà tó yá ó fọwọ́ sí i, ó sì kọ aago.

Wọ́n jẹ́ kí n rí àbúrò mi ní ojú irin. Ó ní wọn ò na òun. Ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n kọ sítéètìmẹ́ǹtì fún un, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, òun ń fi Yorùbá sọ̀rọ̀, ọlọ́pàá ń kọ. Wọ́n ní kó fọwọ́ sí i, ó fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó kà á sí i létí. Ṣé èyí ti bàjẹ́ ni?

Lọ́yà Òkè-Baálẹ̀

Kò bàjẹ́, àmọ́ kò dáa. Èdè tí afurasí bá fi sọ ọ̀rọ̀ ló yẹ kí wọ́n fi kọ ọ́, kí wọ́n wá túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, kí méjèèjì wà nínú fáìlì. Ẹ sọ fún un pé bí wọ́n bá tún pè é láti sọ̀rọ̀, kó ní òun fẹ́ kí lọ́yà tàbí ẹ̀yin wà níbẹ̀, kó sì fi Yorùbá kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn òfin tuntun tún fẹ́ kí wọ́n ya fídíò nígbà tí afurasí bá ń jẹ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, tí wọ́n sì kọ sínú ìwé yẹn pé ó mọ̀ pé ẹrù olè ni, lọ́yà rẹ̀ lè ta kò ó, adájọ́ á sì yẹ̀ ẹ́ wò bí wọ́n ṣe gbà á. Kí òun náà jókòó báyìí, kó kọ ohun tó rántí sílẹ̀ kó tó gbàgbé: ta ló wà níbẹ̀, aago mélòó, kí ni wọ́n bi í.

Bí ẹ ò bá lágbára lọ́yà, Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ ní ọ́fíìsì ní olú ìlú ìpínlẹ̀. Àwọn tí owó wọn kéré ni wọ́n wà fún.

Adùkẹ́ Alékúwódò (Àìkú, alẹ́)

Ó ti jáde! Dípíò dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ka lẹ́tà, ó bi àìpíò ní ìbéèrè kan tàbí méjì. Bàbá onílé fọwọ́ sí ìwé béèlì. A ò san kọ́bọ̀ fún dípíò. (Ẹni tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lánàá ń wò mí títí mo fi jáde.) Wọ́n ní kó padà wá ní ọjọ́rú.

Bàbá Rótìmí, ẹ má bínú, ìyá wa ń béèrè pé ṣé ó yẹ kó lọ ní ọjọ́rú yẹn, níwọ̀n ìgbà tí ẹ ní ẹjọ́ ti kú.

Bàbá Rótìmí

Ẹ jẹ́ kó lọ o. Mo ti ka ohun tí àwọn àgbà kọ.

Akọ̀wé Kóòtù Tó Ti Fẹ̀yìn Tì

Kó lọ, kí Bàbá onílé sì mọ̀ pé ó lọ, nítorí ọrùn tirẹ̀ ló wà nínú ìwé. Ohun méjì ló lè ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́rú. Wọ́n lè ní kó máa lọ, kó tún padà wá lọ́jọ́ mìíràn, torí wọn ò tíì rí ẹni tó jí fóònù. Tàbí kí wọ́n ní ìwé ẹ̀sùn ti ṣe tán, kí wọ́n mú un lọ sí kóòtù lọ́jọ́ yẹn kan náà. Bó bá jẹ́ èyí ìkejì, béèlì tésàn ti parí iṣẹ́ rẹ̀, májísíréètì á bẹ̀rẹ̀ béèlì tuntun. Nítorí náà kí onídùúró múra láàárọ̀ ọjọ́rú, kó mú ìwé rẹ̀ dání, kí lọ́yà náà wà nítòsí. Ẹ má jẹ́ kó di aago méjì ọ̀sán kí ẹ tó máa wá ẹni tó máa dúró fún un.

Ìyá Risi Onígàrí

Ẹ kú oríire. Fóònù àwọn oníbàárà ńkọ́? Fóònù ọmọ mi wà lọ́dọ̀ àbúrò yín, èyí tí ojú rẹ̀ fọ́.

Adùkẹ́ Alékúwódò

Ó wà nínú báàgì Gáná yẹn, Màámi. Àìpíò ní gbogbo ẹ̀ ni ẹ̀rí.

Sájẹ́ǹtì Àgbà

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀. Fóònù kan ni wọ́n ń wá. Ó yẹ kí wọ́n ti kọ gbogbo ohun tí wọ́n kó sínú ìwé kan, kí àìpíò àti àbúrò yín jọ fọwọ́ sí i, kí ẹ̀yin sì gba ẹ̀dà. Ẹ béèrè ìwé yẹn ní ọjọ́rú. Òfin gba ẹni tó ni nǹkan láàyè láti béèrè rẹ̀ kí ẹjọ́ tó dé kóòtù, kó fọwọ́ sí ìwé pé òun á mú un wá bí wọ́n bá nílò rẹ̀. Bí wọn ò bá kọ nǹkan kan sílẹ̀, wàhálà wà níbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó mọ iye tó wọ inú báàgì àti iye tó máa jáde.

Lọ́yà Òkè-Baálẹ̀

Kí oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá páálí fóònù rẹ̀ jáde. Nọ́ńbà gígùn tí ẹ máa ń rí bí ẹ bá tẹ *#06# wà lára páálí náà. Ẹ kọ nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sí iwájú orúkọ ẹni tó ni ín, ẹ mú un fún dípíò pẹ̀lú lẹ́tà, kí wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀dà yín bí ti ìjelòó. Ẹni tí kò ní páálí, kó wá rìsíìtì.

Ìyá Risi Onígàrí

Páálí tèmi ni mo fi ń kó owó ẹyọ sí lábẹ́ àtẹ. Mo ń bọ̀ wá mú un wá.